Bí a ṣe ń gba lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́wọ́ onílé tí a ti kúrò nílé rẹ̀

*Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni èmi àti ìyàwó mi fi gbé ilé bàbá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ní Mańsẹ́sítà. Oṣù kìíní la kó jáde. A ti rí ilé ní Líìdìsì báyìí, pọ́n-ùn 1,100 lóṣù, ẹ́jẹ́ńtì sì ní àfi kí onílé wa àtijọ́ jẹ́rìí sí wa. Ẹ̀ẹ̀mejì lowó ilé wa pẹ́ nígbà tí a wà lọ́dọ̀ bàbá, wọn kì í sì í fèsì ímeèlì. Ọ̀rẹ́ mi ní òun lè kọ lẹ́tà náà bíi pé òun ni onílé. Kí ni ká ṣe?*

Àbúrò mi, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó ti bíírò rẹ̀ bọ àpò ná. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá tí kì í fèsì ni ká kọ́kọ́ mójú tó, torí pé nínú gbogbo ọdún tí mo ti fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń báni wá ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, onílé tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti jẹ́rìí kò pọ̀. Èyí tó pọ̀ ni onílé tí kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń lọ. Ẹ́jẹ́ńtì tó mú yín wo ilé Líìdìsì kì í sábà yẹ ayálégbé wò fúnra rẹ̀. Á fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn nìyẹn. Àwọn yẹn ló máa kọ ímeèlì sí bàbá, pẹ̀lú líǹkì kan tó máa tẹ̀ kí fọ́ọ̀mù lè ṣí. Ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn kò pọ̀. Wọ́n á béèrè ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde, iye tí ẹ ń san lóṣù, bóyá ẹ ń san án lásìkò, bóyá ẹ jẹ gbèsè sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń lọ, bí ẹ ṣe lo ilé, bóyá àwọn aládùúgbò fẹjọ́ yín sùn rí, àti bóyá onílé á tún gbà yín bí ẹ bá padà wá. Ó parí. Kò síbi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá ọmọlúàbí ni ọ́ tàbí bóyá o máa ń kí èèyàn lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Wàyí o, fojú bàbá ẹni ọdún 65 wo ímeèlì yẹn. Ilé-iṣẹ́ tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ló kọ ọ́. Wọ́n dárúkọ ẹni tó ti kúrò nílé rẹ̀, wọ́n ní kó tẹ ibì kan, kó wá kọ nǹkan nípa ilé ara rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un títí pé kó má tẹ líǹkì tí kò bá mọ̀, àwọn gbájúẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́. Tí ímeèlì náà bá tiẹ̀ ráyè dé iwájú rẹ̀, á pa á rẹ́ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í tiẹ̀ débẹ̀, inú Spam ló máa ń sùn sí. Àwọn tó ń yẹ̀ yín wò á tún un fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé yín pé onílé kò dáhùn. Ẹ̀yin á jókòó sí Líìdìsì, ẹ óò máa rò pé bàbá ń ṣe àránkàn.

Nítorí náà, kí o tó fi orúkọ bàbá àti nọ́ńbà rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù èyíkéyìí, pè é. Má fi ímeèlì bẹ̀rẹ̀, má sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kìíní tí ẹ ti kó jáde, ṣé ẹ tilẹ̀ ti pè é kí i? Bí ẹ kò bá tíì pè, kí ìpè àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìkíni: ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà, ṣé àlàáfíà ni, ìyá ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín nígbà yẹn ńkọ́. Kí ìyàwó rẹ náà gba fóònù kó kí i. Kì í ṣe pé mò ń kọ́ ọ ní ẹ̀tàn. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó fún yín nílé gbé fún ọdún méjì kì í ṣe kàńtà báńkì, ẹni tó bá sì kan lẹ̀kùn tó tún kọ́kọ́ na ọwọ́ gbígbà kò ní rí i gbà dáadáa.

Lẹ́yìn ìkíni, sọ ohun tí o fẹ́, kí o sì fi ìbéèrè kan sí i tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ béèrè: “Bàbá, tí wọ́n bá bi yín nípa wa, kí lẹ máa sọ?” Mo mọ̀ pé ojú lè tì ọ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ló máa jẹ́ kí o mọ̀ bóyá ó yẹ kí o fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Bó bá ní “Háà, ẹ̀yin tí ẹ ò fún mi ní wàhálà,” ó ti tán. Bó bá dákẹ́ díẹ̀, tó wá ní “Ògiri kíṣìnì yẹn ṣì wà lọ́kàn mi o,” a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ yanjú kí ìwé tó kan ọ̀rọ̀. Owó ọ̀dà lè tó o.

Bó bá ti gbà, lọ́jọ́ kejì ni kí o kọ ọ́ sí i lórí Wọ́tsáàpù, kí gbogbo ohun tó nílò wà lójú kan. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ àná. Ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ̀ wá wò á fi ímeèlì ránṣẹ́ sí yín láàárín ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú. Bí orúkọ wọn ṣe máa hàn nìyí, mo ti kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹ ò bá rí i, ẹ wo inú Spam. Èmi àti ìyàwó mi fọwọ́ sí i pé kí ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa wa fún wọn. Ohun tó wà nínú ìwé wa nìyí, kó má bàa jẹ́ pé ẹ ń wá a kiri: a wọlé ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, a jáde ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2026. Owó ilé jẹ́ pọ́n-ùn 850 títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ó di 900 láti oṣù kẹwàá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pẹ́, mo sì ti kọ oṣù méjèèjì síbí. Ẹ dá gbogbo dípọ́síìtì wa padà fún wa ní oṣù kejì. Bí èyíkéyìí kò bá bá ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ mu, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè mí sà.”

Ọjọ́ àti iye tiyín ni kí o fi sí i, àpẹẹrẹ lèyí. Ìlà tí ẹ ti fọwọ́ sí i pé kó sọ̀rọ̀ yẹn, má yọ ọ́. Àwọn onílé mìíràn ti gbọ́ nípa òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí èèyàn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé wọ́n lè jẹ̀bi bí wọ́n bá sọ iye tí ayálégbé ń san fún ẹni tí wọn kò mọ̀.

O lè ní kí ló dé tí mo fi ń da ara mi láàmú lórí ọjọ́ báyìí. Ìdí nìyí. Obìnrin nọ́ọ̀sì kan gba ọ́fíìsì wa wá ilé ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ó kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé oṣù kẹsàn-án lòun wọ ilé tó ń gbé, pọ́n-ùn 900 lòun sì ń san. Obìnrin onílé rẹ̀, tó fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ, kọ ọ́ pé oṣù kẹwàá ló wọlé, 850 ló sì ń san. Ìwé báńkì rẹ̀ wá fi hàn pé ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ló kọ́kọ́ san owó, 850 ni, ó sì wá di 900 lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ ò rí i pé kò sí òpùrọ́ láàárín wọn. Nàìjíríà ni onílé wà ní oṣù kẹsàn-án yẹn, oṣù kẹwàá ló tó fojú rí ayálégbé rẹ̀, iye owó àkọ́kọ́ ló sì dúró sí i lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kò mọ ìyẹn. Ìwé mẹ́ta ló rí, àlàyé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú wọn, ó sì dá ìwé obìnrin náà dúró. Ọjọ́ 8 la fi ń pe síhìn-ín pe sọ́hùn-ún. Onílé tuntun ti fẹ́ fi ilé fún ẹlòmíràn kí gbogbo rẹ̀ tó yanjú.

Ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an nìyẹn: wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ onílé wé ohun tí ìwọ sọ àti ohun tí báńkì sọ. Ìyìn kò wúlò fún wọn. Lẹ́tà tó kún fún “èèyàn dáadáa ni wọ́n, ẹlẹ́rìn-ín músẹ́” láìsí ọjọ́ àti iye owó, wọ́n á dá a padà.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ owó tó pẹ́ ti wọlé. Má bẹ bàbá pé kó ní kò pẹ́ rí. Bí ẹ́jẹ́ńtì bá ní kẹ́ ẹ mú ìwé báńkì wá, ọjọ́ tí owó jáde wà níbẹ̀ kedere. Kí bàbá sọ òótọ́, kó sì sọ ọ́ tán: ó pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sọ fún mi ṣáájú kí ọjọ́ tó pé, wọ́n san án tán láàárín oṣù náà, wọn kò jẹ mí ní nǹkan kan nígbà tí wọ́n ń lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tí owó rẹ̀ pẹ́ àti ẹni tó jẹ gbèsè jáde tóbi lójú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ti àkọ́kọ́, wọ́n á béèrè ìdí. Tèkejì ló ń lé èèyàn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá jẹ́ pé nígbà tí ẹ ń yí iṣẹ́ padà ni owó pẹ́, tàbí nígbà tí ìwé ìwọ̀lú ń lọ síwá sẹ́yìn, kọ gbólóhùn méjì nípa rẹ̀ sí ẹ́jẹ́ńtì kí wọ́n tó bi ọ́.

Àwọn bàbá kan kì í fẹ́ fọ́ọ̀mù orí ẹ̀rọ rárá. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, kọ lẹ́tà náà sílẹ̀ fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kó kà á, kó tún èyí tó bá fẹ́ ṣe, kó buwọ́ lù ú. Kò sí aburú nínú pé ìwọ lo tẹ̀ ẹ́, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun ló kà á tó sì gbà pé òótọ́ ni. Ojú ewé kan tó. Kí orúkọ rẹ̀ ní kíkún, nọ́ńbà rẹ̀ àti àdírẹ́sì ilé tí ẹ gbé wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ọjọ́, iye owó, bí ẹ ṣe san án, bí ẹ ṣe fi ilé sílẹ̀. Kó fi ọjọ́ tó buwọ́ lù ú sí i. Sọ fún un pé wọ́n lè pè é láti mọ̀ bóyá òun ló kọ ọ́, torí wọ́n sábà máa ń pè.

Bó bá jẹ́ pé bàbá ń sá fún ìwé lápapọ̀, ó lè nídìí tí kò kàn yín. Òfin kò mú onílé nípá láti jẹ́rìí sí ẹnikẹ́ni. Nínú àwọn èèyàn wa tó ń fi ilé háyà níhìn-ín, mo ti rí ẹni tí kò sọ fún báńkì tó yá a lówó ilé pé ayálégbé ló ń gbé ibẹ̀, mo ti rí ẹni tí kì í san owó orí lórí owó ilé, mo sì ti rí ẹni tó jẹ́ pé òun gan-an gba ilé lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Òfin sọ pé kí onílé fi dípọ́síìtì sábẹ́ ààbò ọ̀kan nínú àwọn àjọ tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ 30. Ẹni tí kò ṣe é kò ní fẹ́ kí ìwé kankan jáde. Tí o bá mọ̀ pé bàbá ṣe irú ẹ̀, má fi halẹ̀ mọ́ ọn nítorí lẹ́tà. Ẹ̀tọ́ yín lórí dípọ́síìtì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó lè dá dúró lọ́jọ́ mìíràn. Lẹ́tà tí o fi ìhàlẹ̀ gbà, ọjọ́ tí wọ́n bá pè é láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ló máa gbẹ̀san.

Ó yá, ọ̀rẹ́ rẹ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò mọ̀ pé orúkọ bàbá ló wà lórí ìwé báńkì rẹ lóṣooṣù fún ọdún méjì. Báwo ni lẹ́tà onílé á ṣe ní orúkọ ẹlòmíràn? Tó bá sì fi orúkọ bàbá buwọ́ lù ú tó wá fi nọ́ńbà tara rẹ̀ síbẹ̀, a jẹ́ pé ó ti di ayédèrú pátápátá. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè san pọ́n-ùn 7 fún ìjọba kó wo orúkọ ẹni tó ni ilé kan ní Íńgílándì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí wọ́n bá sì mú yín, ó ní ìpele. Owó ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ fi di ilé mú á lọ, torí òfin gbà kí ẹ́jẹ́ńtì mú un bí ẹni tó ń wá ilé bá parọ́ fún un. Fún ilé tó jẹ́ 1,100 lóṣù, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́n-ùn 254. Bí wọn kò bá tètè mọ̀, tí ẹ ti wọlé, onílé ṣì lè gbé yín lọ sí kóòtù láti gba ilé rẹ̀ nítorí pé irọ́ lẹ fi gbà á. Òfin ọdún 2006 lórí jìbìtì sì wà lẹ́yìn gbogbo ìyẹn. Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú físà, ṣé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ló yẹ kó máa fi wá ilé?

Ẹ kò tilẹ̀ nílò rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí bàbá kò fèsì, lẹ́yìn tí o ti pè é tí o sì ti kọ̀wé sí i, má dúró kí ẹ́jẹ́ńtì kọ ọ́ pé onílé kò dáhùn. Kọ̀wé sí i fúnra rẹ, sọ pé o ti béèrè lọ́jọ́ báyìí àti lọ́jọ́ báyìí, kí o sì fi ohun tó lè dípò lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ìwé àdéhùn ilé Mańsẹ́sítà ni àkọ́kọ́. Ìwé báńkì oṣù 12 tó kẹ́yìn níbẹ̀ tẹ̀ lé e, èyí tí o gbà látọ̀dọ̀ báńkì gan-an, kì í ṣe fọ́tò ojú fóònù, kí o sì fi àwọ̀ sára ìlà owó ilé lóṣooṣù kí ojú má bàa máa wá a kiri. Ìwé owó ìlú tí orúkọ yín wà lórí rẹ̀ á fi hàn pé ẹ gbé ibẹ̀ lóòótọ́. Èyí tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi hàn pé dípọ́síìtì yín padà ní pípé. Lójú tèmi, ìyẹn sọ̀rọ̀ ju lẹ́tà lọ, torí kò sí onílé tí ilé rẹ̀ bàjẹ́ tàbí tí wọ́n jẹ lówó tó máa dá gbogbo owó padà.

Nígbà kan, ọ̀nà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń gbà yẹra fún gbogbo èyí ni kí wọ́n san owó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn mọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2026, òfin tuntun ní Íńgílándì kò gbà kí onílé gbà ju owó oṣù kan lọ kí ayálégbé tó wọlé. Èyí ló jẹ́ kí ìwé tiyín ṣe pàtàkì sí ẹ́jẹ́ńtì Líìdìsì yẹn, kì í ṣe pé ó kórìíra yín. Òfin ṣì gbà kí wọ́n béèrè onídùúró, ẹni tó ń gbé ilẹ̀ yìí tí owó oṣù rẹ̀ tó, tó máa buwọ́ lù ú pé òun á san bí ẹ kò bá san. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀gá níbi iṣẹ́ tó lè dúró, ẹ bá a sọ̀rọ̀ láti ìsinsìnyí. Owó àyẹ̀wò gbogbo ńkọ́? Ẹ kò gbọ́dọ̀ san án. Láti ọdún 2019 ni òfin ti ní kí ẹ́jẹ́ńtì àti onílé ru ẹrù ìyẹn fúnra wọn.

Pe bàbá lálẹ́ yìí, nǹkan bí agogo méje, lẹ́yìn tó ti jẹun tí kò sì tíì sùn. Bó bá fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́, sọ fún un kó má tíì pa nọ́ńbà yín rẹ́, torí ilé-iṣẹ́ yẹn lè tún pè é ní ọjọ́ kejì láti bi í lọ́rọ̀ kan tàbí méjì, á sì fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ rẹ bóyá àwọn ni lóòótọ́ kó tó dá wọn lóhùn.